Bí Ẹnjiníà Ṣe Lè Júwe Ara Rẹ̀ Láìfọ́nnu

Lójú-ìwé LinkedIn, ibi tí wọ́n kọ About sí ni ó máa ń ṣòfò jù lọ lọ́wọ́ ẹnjiníà tó ti lo ọdún mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́nu iṣẹ́. Kò ṣòro fún un láti to àwọn ilé-iṣẹ́ tó ti ṣiṣẹ́ àti ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, torí orúkọ àti ọjọ́ lásán nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ó bá di pé kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, ọ̀kan nínú nǹkan méjì la sábà máa ń rí. Àwọn kan á fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo, wọ́n á ní ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ yóò béèrè. Àwọn mìíràn á lọ kó ọ̀rọ̀ ńláńlá tí gbogbo ayé ń lò: ọ̀jáfáfá, onítara, aṣáájú tó ń mú àyípadà wá. Ìtìjú kan náà ló bí méjèèjì. Ẹni àkọ́kọ́ ń sá fún ìfọ́nnu, ó bá pa ẹnu mọ́. Ẹnì kejì kò fẹ́ kí wọ́n fojú di òun, ó bá fi ọ̀rọ̀ tí kò ní ẹni pàtó kan nínú bo ara rẹ̀. Àwọn méjèèjì gbà pé ohun tí ènìyàn ń sọ nípa ara rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di afọ́nnu, pé bí ohun náà bá ṣe tóbi tó ni ìfọ́nnu inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìfọ́nnu máa ń wọlé nígbà tí ẹni tó ń ròyìn iṣẹ́ bá tún fi ara rẹ̀ jẹ adájọ́ lórí iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá sọ ohun tó ṣe, ibi tó ti ṣe é, bó ti pọ̀ tó, apá tó jẹ́ tirẹ̀ nínú rẹ̀ àti ibi tó mọ, tó wá fi ìdájọ́ sílẹ̀ fún òǹkàwé, lè sọ ohun tó tóbi gan-an kí ẹnikẹ́ni má sì rí i bí afọ́nnu.

Ìlànà yìí kì í ṣe àjèjì láàrin wa. Nínú oríkì, ẹni tí wọ́n ń kì kì í sábà jẹ́ ẹni tó ń ki ara rẹ̀, ẹni tó ń ki oríkì tó bá sì mọṣẹ́ kì í dúró lórí “ènìyàn ńlá ni” lásán. Ó máa ń dárúkọ ìlú, ó máa ń dárúkọ ogun tí wọ́n jà, oko tí wọ́n ro, ẹni tí wọ́n bí, títí tí olùgbọ́ yóò fi fúnra rẹ̀ mọ irú ẹni tó jókòó síwájú òun. Àwọn tó fi ìwádìí tẹ ọ̀rọ̀ náà wò lóde òní bá ohun tó sún mọ́ ọn pàdé. Ní 2015, Irene Scopelliti àti àwọn tí wọ́n jọ ṣe ìwádìí fi hàn pé ẹni tó ń ròyìn àṣeyọrí rẹ̀ máa ń rò pé inú àwọn tó ń gbọ́ òun dùn sí i ju bó ti rí gan-an lọ, kì í sì í mọ bí ó ti ń bí wọn nínú tó. Ní 2018, Ovul Sezer, Francesca Gino àti Michael Norton yẹ irú ìfọ́nnu mìíràn wò, èyí tí wọ́n máa ń fi ìráhùn tàbí ìrẹ̀lẹ̀ dì, bí ìgbà tí ènìyàn bá ní ó ti sú òun bí wọ́n ṣe ń fi ipò lọ òun. Wọ́n rí i pé àwọn ènìyàn kò fẹ́ràn ìyẹn rárá, kódà wọ́n fẹ́ràn ẹni tó fọ́nnu ní gbangba jù ú lọ, torí wọ́n rí i bí aláìṣòótọ́. Nítorí náà, “pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ ọkàn” tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ṣáájú àmì-ẹ̀yẹ wọn kò wo nǹkan kan sàn. Ó tiẹ̀ lè dá kún un.

Ká mú àpẹẹrẹ kan, ká sì tẹ̀ lé e dé òpin. Ẹnjiníà iná mànàmáná kan ni, èmi ni mo ro ó jọ fún àlàyé yìí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń ṣe wà káàkiri Kòṣófẹ́ lónìí. Ikeja Electric ló ń pín iná ní agbègbè náà láti oṣù kọkànlá 2013, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fa iṣẹ́ ìpínkiri iná lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Ọdún 12 ni ẹnjiníà yìí ti fi tọ́jú wáyà 11 kV àti àwọn tiransífọ́mà tó ń sọ iná rẹ̀ kalẹ̀ fún àwọn ilé àti ṣọ́ọ̀bù ní Kétu, Ìkòsí àti Máìlì 12, bóyá lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ìpínkiri fúnra rẹ̀, bóyá lábẹ́ agbaṣẹ́ṣe kan. Ohun tó kọ́kọ́ kọ sí About rẹ̀ nìyí: “Mo jẹ́ ẹnjiníà àgbà tó mọṣẹ́ dunjú, tó ní ìtara, tó sì ní ìrírí tó lé ní ọdún mẹ́wàá nínú iṣẹ́ iná mànàmáná. Mo máa ń ronú lọ́nà àrà, mo máa ń darí àwọn ènìyàn dé ibi àṣeyọrí, n kì í sì í gbà fún ìjákulẹ̀. Pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ ni mo fi ń gba àwọn àmì-ẹ̀yẹ tí Ọlọ́run fi jíǹkí mi.” Kò purọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lókè, tí a fi ti ẹlòmíràn sí i, ẹni tó ń ṣe afárá ní Ìbàdàn tàbí ẹni tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ní Àkúrẹ́, gbogbo gbólóhùn náà yóò ṣì jẹ́ òótọ́. Ìyẹn ni ìdánwò àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ tó rọrùn láti ṣe: gbólóhùn tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́wọ́ rẹ kì í ṣe tìrẹ. Ẹ tún wo bí gbogbo rẹ̀ ṣe jẹ́ ìdájọ́. Ta ló sọ pé ó mọṣẹ́ dunjú? Òun náà ni. Òǹkàwé kò rí iṣẹ́ kan tí yóò wò kó tó gbà tàbí kó tó kọ̀.

Ibi tí iṣẹ́ kíkọ ti bẹ̀rẹ̀ ni kí ó fi ọ̀rọ̀ nípa ìwà sílẹ̀, kí ó sì wá iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ṣe tí ó lè sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ká ní tiransífọ́mà 500 kVA kan wà tó ń gba 11 kV, tó sì ń fún àwọn ojúlé ní 415 fóòtì. Àwọn ará àdúgbò ń pariwo: fíúsì ń jó ní alẹ́, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀, á tún jó, tiransífọ́mà náà sì gbóná débi pé òróró inú rẹ̀ ti ń yọ́ jáde létí ìdérí. Wọ́n ti sọ pé kò gbé ẹrù mọ́, kí wọ́n ra tuntun. Irú tiransífọ́mà bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé ju nǹkan bí 696 áńpíà lọ lórí fésì kọ̀ọ̀kan, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sì lè ṣe ìṣirò náà fúnra rẹ̀:

```
I = 500000 / (1.732 × 415) ≈ 696 A
```

Ẹnjiníà wa lọ síbẹ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́, nígbà tí gbogbo ilé ti tanná, ó fi kílámùpù mítà wọn fésì kọ̀ọ̀kan. Pupa ń gbé 790, yẹ́lò ń gbé 520, búlúù ń gbé 610. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 1,920, èyí tó túmọ̀ sí 640 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ó bá dọ́gba. Tiransífọ́mà náà kò kéré jù. Wọ́n kàn di ẹrù lé ẹ̀gbẹ́ kan ni, nítorí pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó bá fẹ́ so ilé tuntun máa ń so ó mọ́ wáyà tó sún mọ́ àkàbà rẹ̀ jù. Ó to àwọn ilé tó ń lo fésì ẹyọ kan jọ, ó yan àwọn tó yẹ kó kúrò lórí pupa, ó ní kí wọ́n paná, àwọn tó ń gun òpó sì gbé wọn bọ́ sórí yẹ́lò àti búlúù. Nígbà tí ó tún wọ̀n ọ́n ní wákàtí kan náà lálẹ́ ọjọ́ mìíràn, ó di 660, 620 àti 640. Fíúsì kò jó mọ́. Wọn kò ra tiransífọ́mà.

Agbára ẹnjiníà yìí ti hàn nínú ìtàn náà kí a tó lo ọ̀rọ̀ àpọ́nlé kan ṣoṣo. A rí i pé ó máa ń wọn nǹkan kó tó pinnu, pé ó mọ àkókò tó yẹ kí òun wọ̀n ọ́n, pé kì í gba ohun tí gbogbo ènìyàn ti gbà láìwádìí, àti pé ó lè ṣètò iṣẹ́ fún àwọn tó ń gun òpó láìsí ìjàm̀bá. “Mo máa ń ronú lọ́nà àrà” kò lè gbé ìdá mẹ́wàá ìyẹn. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé kò sí ohun àrà kankan nínú iṣẹ́ náà. Gbogbo ẹnjiníà ìpínkiri iná ló mọ̀ pé ó yẹ kí fésì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn tó wà láàrin iṣẹ́ máa ń ní àwọn kò ní ohun tí àwọn lè sọ, pé àwọn kò kọ́ afárá Third Mainland, àwọn kò sì ṣe ẹ̀rọ tuntun. Agbanisíṣẹ́ tó bá mọ ohun tó ń wá kò retí ẹ̀rọ tuntun lọ́dọ̀ ẹni tí yóò máa tọ́jú tiransífọ́mà. Ó ń wá ẹni tí kò ní ní kí òun ra tuntun nígbà tí èyí tó wà nílẹ̀ ṣì lè ṣiṣẹ́.

Ohun tó le jù nínú kíkọ irú ìtàn yìí sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ “mo” àti “a”. Ẹni tó bá kọ “mo dọ́gba ẹrù tiransífọ́mà náà” ti gba iṣẹ́ àwọn tó gun òpó lọ́wọ́ wọn, bí ọ̀kan nínú wọn bá sì rí i lórí LinkedIn, yóò fi ṣe ẹ̀rín ní ọ́fíìsì títí di ọjọ́ kẹta. Ẹni tó bá sì kọ “a dọ́gba ẹrù náà” lásán, nítorí pé a kò gbọdọ̀ gbé ara ga, ti fi ara rẹ̀ pamọ́ débi pé òǹkàwé kò mọ̀ bóyá òun ló wọ̀n ọ́n ni àbí òun ló di àkàbà mú. Èyí tó tọ́ ni kí a fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀-ìṣe tirẹ̀: mo wọ̀n ọ́n, mo ṣètò rẹ̀, àwọn mẹ́rin tí a jọ ṣiṣẹ́ gbé àwọn ilé bọ́ sórí fésì mìíràn. Kò sí ìfọ́nnu níbẹ̀, kò sì sí ìrẹ̀lẹ̀ àṣehàn. Ìdánwò kejì nìyí, ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ: kí ẹnjiníà fi ojú inú ka ọ̀rọ̀ náà sókè létí ẹni tó gun òpó lọ́jọ́ náà. Níbi tí ohùn rẹ̀ bá ti fẹ́ lọ sílẹ̀, ibẹ̀ ni kó tún kọ.

Nọ́ńbà tún ní ewu tirẹ̀, torí wọ́n máa ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n fi nọ́ńbà sí i, wọn kì í sì í sọ pé nọ́ńbà náà lè fọ́nnu. Ká ní ẹnjiníà wa wọn fésì pupa ní aago mẹ́jọ alẹ́ kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ náà, tó wá tún un wọ̀n ní aago méjì ọ̀sán lẹ́yìn iṣẹ́, nígbà tí àwọn ènìyàn kò sí nílé. Ẹrù náà ì bá ti fúnra rẹ̀ lọ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan wáyà. Lẹ́bàá ọjà Máìlì 12, ó lè jẹ́ òdìkejì, níbi tí àwọn ẹ̀rọ amóhuntutù àti ṣọ́ọ̀bù ti ń fa iná jù ní ọ̀sán. Àpẹẹrẹ tó tún burú jù ni ti wákàtí iná. Ní oṣù kẹrin 2024, NERC gbé owó iná àwọn oníbàárà Band A sókè sí náírà 225 fún kílówáàtì-wákàtí kan, lórí àdéhùn pé wọn yóò máa rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́. Bí fídà kan bá wà ní Band C tẹ́lẹ̀, tí àdéhùn tirẹ̀ jẹ́ wákàtí 12, tí wọ́n wá gbé e lọ sí Band A, wákàtí iná lórí rẹ̀ yóò pọ̀ sí i nítorí pé ilé-iṣẹ́ ti pinnu láti darí iná síbẹ̀. Ẹnjiníà tó kọ ọ́ pé òun ló mú kí iná pọ̀ sí i ní fídà náà ti sọ ìpinnu àwọn ọ̀gá di iṣẹ́ ara rẹ̀. Ẹni tó mọ ètò Band yóò rí i lójú ẹsẹ̀, irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹnjiníà náà sì fẹ́ kó ka ọ̀rọ̀ òun. Nítorí náà, kí nọ́ńbà kan tó wọ About, kí ẹni tó ń kọ ọ́ bi ara rẹ̀ pé kí ló tún yí padà ní àkókò kan náà. Bí kò bá lè yọ ìyẹn kúrò, kó fi nọ́ńbà náà sílẹ̀, kó sọ iṣẹ́ tó ṣe nìkan.

Àyè tí LinkedIn fúnni ní About jẹ́ àmì-ìkọ̀wé 2,600, àlàfo àárín ọ̀rọ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ènìyàn máa ń kọ́kọ́ rí. Lórí fóònù, ìlà bíi mẹ́ta ló máa ń hàn, ẹni tó bá sì fẹ́ ka ìyókù yóò tẹ see more. Àwọn ìlà mẹ́ta yẹn ló yẹ kó gbé iṣẹ́ náà gan-an, kì í ṣe “mo jẹ́ onítara”. Orúkọ oyè pẹ̀lú máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Òfin tó dá COREN sílẹ̀ láti 1970 ti pàṣẹ pé ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ ló lè pe ara rẹ̀ ní ẹnjiníà lórílẹ̀-èdè yìí, nítorí náà kì í ṣe fáárí láti sọ pé a ti forúkọ sílẹ̀. Ẹ̀rí ni, ó sì ṣe é yẹ̀ wò. Ìlà kan tó ní “mo forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, mo sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ NSE” ti tó. Ohun tó ń dun òǹkàwé ni oyè márùn-ún tí wọ́n tò ṣáájú orúkọ, tí ìkẹta nínú wọn jẹ́ ti ẹgbẹ́ kan tó ń ta ìwé-ẹ̀rí ní òpin ọ̀sẹ̀. Ó dà bí ọlọ́jà tó to tòmátò pípọ́n sójú apẹ̀rẹ̀: oníbàárà tó gbọ́n yóò kọ́kọ́ tọwọ́ bọ ìsàlẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ẹnjiníà wa ṣe lè rí nìyí lẹ́yìn tí a bá ti tún un kọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi gbé e sórí LinkedIn. “Iṣẹ́ mi ni pípín iná láti orí wáyà 11 kV wọ ojúlé, ní Kétu, Ìkòsí àti agbègbè Máìlì 12. Bí tiransífọ́mà bá ń gbóná tàbí tí fíúsì rẹ̀ ń jó léraléra, èmi ni wọ́n máa ń pè láti wá ìdí rẹ̀ kí wọ́n tó ra òmíràn. Ọdún 12 ni mo ti wà lẹ́nu rẹ̀. Lórí tiransífọ́mà 500 kVA kan tí wọ́n ti fẹ́ pààrọ̀, mo wọn ẹrù fésì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní alẹ́, mo ṣètò bí a ó ṣe tún un pín, àwọn mẹ́rin tí a jọ ṣiṣẹ́ sì gbé àwọn ilé bọ́ sórí fésì mìíràn. Fésì tó wúwo jù sọ̀ kalẹ̀ láti 790 sí 660 áńpíà ní wákàtí kan náà lálẹ́, tiransífọ́mà náà sì ṣì ń ṣiṣẹ́. Ní àwọn ibi tí omi Odò Ògùn ti máa ń ya wọlé, mo ti bójú tó gbígbé ìpìlẹ̀ tiransífọ́mà ga ju ibi tí omi dé lára ògiri lọ. N kò tíì ṣiṣẹ́ lórí wáyà 132 kV. Mo forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, mo sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ NSE. Mo ń wá iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣètò ìtọ́jú tiransífọ́mà fún odidi agbègbè.” Gbólóhùn nípa omi kò sí níbẹ̀ fún ọ̀ṣọ́. Ẹni tó bá rántí bí omi ṣe gba Ajégúnlẹ̀ àti Máìlì 12 ní oṣù kẹwàá 2010, nígbà tí wọ́n tú omi Dáàmù Ọ̀yán sílẹ̀, yóò mọ̀ pé tiransífọ́mà tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lágbègbè yẹn ń fi ẹ̀mí àti owó wéwu. Ẹnjiníà tó ti ronú kan ìyẹn mọ ilẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lé.

Àwọn kan yóò ní kí ló dé tí ẹni tó ń wáṣẹ́ yóò máa kéde pé òun kò tíì fọwọ́ kan wáyà 132 kV. Mo gbà pé kò dùn ún kọ. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàrin àléébù àti ààlà. “N kì í tètè dé ibi iṣẹ́” jẹ́ àléébù, kò sì sí ẹni tó ní kó kọ ọ́. Ààlà ń sọ ibi tí ìmọ̀ ènìyàn dúró sí, ó sì ń jẹ́ kí òǹkàwé gba ohun tó ṣáájú rẹ̀ gbọ́, torí ẹni tó sọ ibi tí òun kò tíì dé kò jọ ẹni tó ń bù mọ́ ọn níbi tó ti dé. Ó tún ń gba àkókò là: ilé-iṣẹ́ tó ń wá ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ lórí wáyà ńlá yóò kọjá, ẹnjiníà náà kò sì ní fi odidi ọ̀sán kan lọ ṣe ìdánwò tí yóò jákulẹ̀ nínú rẹ̀.

Àtakò tó lágbára jù ni ti ọjà. Wọ́n á ní Èkó kò dúró de onírẹ̀lẹ̀, pé àwọn tó ń pariwo ló ń rí iṣẹ́, pé ẹ̀rọ ni àwọn tó ń bá ilé-iṣẹ́ wá òṣìṣẹ́ fi ń ṣàwárí, ẹ̀rọ kò sì mọ ìfọ́nnu yàtọ̀ sí òótọ́. Apá kejì ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ òótọ́, ó sì yẹ ká dáhùn ún dáadáa. Ẹni tó ń ṣàwárí kì í tẹ “onítara” tàbí “ọ̀jáfáfá”, nítorí pé gbogbo ènìyàn ló kọ ọ́. Orúkọ iṣẹ́ àti ohun èlò ló máa ń tẹ̀: tiransífọ́mà, 11 kV, ìdọ́gba ẹrù, COREN, Èkó. Ọ̀rọ̀-orúkọ ni gbogbo wọn, ọ̀rọ̀-orúkọ kì í sì í fọ́nnu. Ọ̀rọ̀ tuntun tí a kọ lókè ní púpọ̀ nínú wọn, ti àkọ́kọ́ kò ní ẹyọ kan. Ní ti ariwo, mo gbà pé àwọn kan ti fi rí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n wíwọlé nìkan ni ariwo lè ṣe. Ọ̀gá ẹnjiníà tó bá jókòó níwájú ẹni náà yóò béèrè pé, “Fésì wo ló wúwo, báwo lẹ ṣe mọ̀?” Ẹni tó ti kọ ìdáhùn sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti fi ẹsẹ̀ kan wọ inú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó kọ “n kì í gbà fún ìjákulẹ̀” yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ohun tí yóò sọ.

Ọ̀rọ̀ àṣírí ilé-iṣẹ́ ni àtakò tí kò sí ẹni tó gbọdọ̀ fojú fò. Kì í ṣe gbogbo nọ́ńbà tí ẹnjiníà rí lẹ́nu iṣẹ́ ló jẹ́ tirẹ̀ láti gbé sójú ayé. Àdírẹ́sì tiransífọ́mà, iye owó tí ilé-iṣẹ́ ń pàdánù lórí fídà kan àti orúkọ oníbàárà tó ń jí iná kò ní ibi tí wọ́n wúlò sí nínú About, wọ́n sì lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó kọ wọ́n. Ìdí nìyí tí mo fi sọ “tiransífọ́mà kan”, tí n kò dárúkọ òpópónà. Bí ìwé iṣẹ́ rẹ̀ bá fòfin de 790 àti 660 pàápàá, kó kọ ọ́ pé ẹrù fésì tó wúwo jù ti kọjá agbára tiransífọ́mà, pé lẹ́yìn iṣẹ́ náà ó ti wà lábẹ́ rẹ̀. Ìtàn náà kò bàjẹ́, torí kì í ṣe nọ́ńbà ló gbé e ró. Ohun tó gbé e ró ni pé wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n sì rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí.

Ó ku ohun kan tí ojú-ìwé yìí kò lè ṣe, a kò sì gbọdọ̀ retí rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ìwà kan wà tí ẹnu ara ẹni kò lè jẹ́rìí sí láéláé: pé ènìyàn ṣe é bá ṣiṣẹ́, pé kì í fi ìbínú bá àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ lò, pé ó máa ń dáhùn fóònù ní òru tí iná bá bàjẹ́. Iye ọgbọ́n tó wù kí a fi kọ wọ́n sí About, ìfọ́nnu ni wọn yóò dà. LinkedIn ní ibi tí wọ́n ń pè ní Recommendations, níbi tí ẹlòmíràn ti lè kọ̀wé nípa rẹ. Kí ẹnjiníà wa lọ bá ẹni tó gun òpó lálẹ́ ọjọ́ náà, tàbí ẹni tó jẹ́ ọ̀gá wọn nígbà náà, kó bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ ìlà mẹ́ta nípa iṣẹ́ tiransífọ́mà yẹn. Kó má kọ ọ́ fún un.